Kiriatíìnì tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lójú fèrèsé lábù

Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wá gba èsì àyẹ̀wò kíndìnrín lọ́wọ́ wa, ibì kan ló máa ń kọ́kọ́ fi ìka tọ́ lórí bébà náà: ibi tí wọ́n kọ Creatinine sí. Àwọn ọmọ jíìmù náà ń wá, àwọn tó ti ń po ìyẹ̀fun Creatine mu láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí mò ń mu nìyí?" Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bá wọn sọ lórí ìdúró kì í tán, ni mo ṣe kó ìbéèrè wọn jọ síbí kí n lè dáhùn rẹ̀ níjokòó.

Ṣé ohun kan náà ni Creatine àti Creatinine?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n máa pe èkíní ní kiriatíìnì, kí n máa pe èkejì ní kiriatinínì. Kiriatíìnì ni igi ìdáná, kiriatinínì ni eérú rẹ̀.

Nínú iṣan, púpọ̀ nínú kiriatíìnì ló máa ń gbé fọ́sífétì pọ̀n. Tí iṣan bá nílò agbára lójijì, bíi kí ẹ sáré lé dáńfó tó ti ń lọ, fọ́sífétì tó wà lẹ́yìn kiriatíìnì yìí ló máa ń tètè bọ́ sílẹ̀ láti sọ ADP di ATP padà, ìyẹn èròjà tí iṣan ń ná bí agbára. Kì í pẹ́ tán, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ènìyàn dé ibi tí ọ̀nà agbára yòókù á ti jí.

Kiriatíìnì kì í wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Lójoojúmọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń ká mọ́ ara rẹ̀, á di òrùka kékeré, á sì yí padà di kiriatinínì. Kò sí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, tó ń ti èyí sẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe é, kò sì sí ohunkóhun nínú ara wa tó lè dá a padà. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé kíndìnrín, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Iye tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a fa ẹ̀jẹ̀ yín ni a kọ sórí bébà.

Mi ò mu ìyẹ̀fun kankan rí. Níbo ni temi ti wá?

Díẹ̀ wá láti inú ẹran àti ẹja tí ẹ jẹ. Ìyókù, ara yín ló ṣe é láti inú ásíìdì amínò, ìyẹn àwọn ẹyọ tí púrótéènì máa ń tú sí nígbà tí oúnjẹ bá dà. Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé iṣan tó ń lo kiriatíìnì jù kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀yà ara kan tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà tó sì máa ń parí ẹ̀. Kíndìnrín ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń parí.

Bí agbádá ló ṣe rí. Télọ̀ á gé aṣọ, á rán an pọ̀, á sì kó o fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọrùn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọrùn kò ní ìdí láti gé aṣọ, télọ̀ náà kò sì ní ẹ̀rọ iṣẹ́ ọrùn.

Nínú kíndìnrín, ẹ́ńsáìmù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AGAT. Ó máa ń mú ásíìdì amínò méjì, ájíníìnì àti gilaisíìnì. Ájíníìnì ní orí kan tó dà bíi ti àmúga: kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, tí náítírójìnì rọ̀gbà yí ká. AGAT á gé orí yẹn kúrò lọ́rùn ájíníìnì, á fi lẹ gilaisíìnì. Ájíníìnì tí kò ní orí mọ́ á di ohun tí wọ́n ń pè ní ọnítíìnì. Gilaisíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí á di guanidinoásítéètì. Ẹnu á máa rẹ̀ wá bí a bá ń pe orúkọ yẹn tán ní gbogbo ìgbà, nítorí náà èmi á máa pè é ní àbọ̀-iṣẹ́. Tí ẹ bá rí GAA lórí èsì àyẹ̀wò, òun náà ni.

Kíndìnrín á tú àbọ̀-iṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á fà á wọlé. Níbẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kejì, GAMT, ti ń dúró dè é. GAMT á fi mẹ́táìlì kan lé e, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìnì mẹ́ta. Mẹ́táìlì yìí wá láti ara mẹtaioníìnì, ásíìdì amínò kẹta, tí ara ti kọ́kọ́ fi ATP múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ (SAM ni wọ́n ń pe èyí tó ti múra tán). Bó bá ti gba mẹ́táìlì yẹn, ó ti di kiriatíìnì nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ kì í fi í pamọ́. Ó máa ń tì í síta sínú ẹ̀jẹ̀ ni, iṣan á sì fà á wọlé láti ojú ọ̀nà kan tó máa ń jẹ́ kí sódíọ̀mù bá a wọlé. Nínú gbogbo kiriatíìnì tó wà lára ènìyàn, bí ìdá 95 nínú 100 ló wà nínú iṣan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àtúnṣe kékeré kan kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà bá mi jà. AGAT wà nínú àmọ́ńwọ́ náà, ìyẹn páńkíríásì, ọpọlọ sì ní ẹ́ńsáìmù méjèèjì, torí kiriatíìnì inú ẹ̀jẹ̀ kì í rọrùn fún un láti gba ibodè ọpọlọ kọjá. Ṣùgbọ́n láti kíndìnrín sí ẹ̀dọ̀ ni òpópónà ńlá.

Kí ni wọ́n mú lára ásíìdì amínò kọ̀ọ̀kan gan-an?

Ìbéèrè yìí kì í wọ́pọ̀, olùkọ́ kẹ́mísírì kan ló bi mí, mo sì gbádùn rẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ:

```
gilaisíìnì    C2H5NO2
àbọ̀-iṣẹ́      C3H7N3O2
kiriatíìnì    C4H9N3O2
```

Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin péré ló wà nínú kiriatíìnì. Gilaisíìnì mú méjì wá, gbogbo ara rẹ̀ ló sì wọlé pátápátá. Ájíníìnì mú ọ̀kan wá, pẹ̀lú náítírójìnì méjì. Mẹtaioníìnì mú kábọ́ọ̀nù kan tó kù wá. Nínú àwọn mẹ́ta, gilaisíìnì nìkan ló fi gbogbo ara rẹ̀ jìn. Àwọn méjì yòókù yọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Èló ni ara ń ṣe lójúmọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wọn kílò 70, tí iṣan rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Kiriatíìnì tó wà lára rẹ̀ lápapọ̀ tó gíráàmù 120. Lójoojúmọ́, bí ìdá 1.7 nínú 100 máa ń di kiriatinínì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ tó gíráàmù 2. Gíráàmù 2 yìí ló ń bá ìtọ̀ lọ, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ rọ́pò kó tó di ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbèsè ló ń jẹ.

Ká ní ó jẹ ẹran málúù gíráàmù 200, kí wọ́n tó sè é ni mo wọ̀n ọ́n o. Ẹran málúù tútù kílò kan ní nǹkan bíi gíráàmù 4.5, nítorí náà ẹran tirẹ̀ á fún un ní 0.9, tí a bá gbójú fo ìwọ̀nba tí iná jó dànù. Ó ku bíi gíráàmù 1 tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ máa ṣe.

Láti ṣe gíráàmù 1 yẹn, ara máa ná ájíníìnì gíráàmù 1.33, gilaisíìnì gíráàmù 0.57, àti mẹ́táìlì tó wà lára mẹtaioníìnì gíráàmù 1.14. Ẹni tó bá ń jẹun dáadáa máa ń rí ájíníìnì bíi gíráàmù 4 sí 6 láti inú oúnjẹ lójúmọ́, nítorí náà 1.33 kì í ṣe owó pẹ́ńpẹ́. Ti mẹ́táìlì ló tilẹ̀ wá le jù. Àwọn tó ti ṣírò rẹ̀ gbà pé nínú gbogbo mẹ́táìlì tí SAM ń pín kiri ara, bí ìdá 40 nínú 100 ló ń bá iṣẹ́ kiriatíìnì lọ. Kékeré ni ẹ̀là rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹrù ń bọ́ sí.

Ájíníìnì tí wọ́n gé lórí, mẹtaioníìnì tí wọ́n gba mẹ́táìlì rẹ̀, ṣé wọ́n ti ṣòfò nìyẹn?

Wọn ò ṣòfò. Ọnítíìnì lè padà di ájíníìnì. Ìfun máa ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní sitirulíìnì, kíndìnrín á gbà á, á sì fi ṣe ájíníìnì tuntun. Ẹ rí i pé inú kíndìnrín kan náà tí AGAT ti ń gé orí ájíníìnì ni ájíníìnì tuntun ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ájíníìnì tó bá yọjú níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe yúríà á ti fà á ya kó tó mọ ibi tó wà. Lójú tèmi, ìdí tó bọ́gbọ́n mu rèé tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní kíndìnrín.

Mẹtaioníìnì tí wọ́n ti gba mẹ́táìlì rẹ̀ á di họmosisitéènì. Èyí kò dára kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lè fi fólíìkì ásíìdì àti fítámì B12 dá mẹ́táìlì padà sí i lára, á sì tún di mẹtaioníìnì, tàbí kó fi fítámì B6 tì í gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ìyẹn ni pé kiriatíìnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀dọ̀ bá parí máa ń fi họmosisitéènì kan sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kó o.

Mi ò kì í jẹ ẹran. Pọ̀nmọ́ nìkan ni mo lè jẹ. Ṣé ó tó?

Pọ̀nmọ́ awọ ni, kì í ṣe iṣan, kiriatíìnì inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jù ú nù. Kọ́lájìnì ló pọ̀ nínú awọ, nínú kọ́lájìnì, nínú ásíìdì amínò mẹ́ta, ọ̀kan á jẹ́ gilaisíìnì. Nítorí náà pọ̀nmọ́ kò kó kiriatíìnì wá, ó kó gilaisíìnì wá, ìyẹn òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà ní ájíníìnì dáadáa. Mẹtaioníìnì ni ẹ̀wà àti pọ̀nmọ́ kò ní tó. Ẹyin, ẹja, wàrà àti àgbàdo ló máa bá yín fi kún un. Ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ tí àwọn ìyá wa ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀kan ń bá èkejì dí àlàfo.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja rárá, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣe é ni, ṣùgbọ́n kì í kún iṣan rẹ̀ tó ti ẹni tó ń jẹ ẹran. Ọpọlọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí òun ń ṣe tirẹ̀ nílé.

Tí mo bá ń mu ìyẹ̀fun, ṣé ara mi á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n á dẹwọ́. Nígbà tí kiriatíìnì bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín máa ń dín AGAT kù láti orísun, ìyẹn ni pé ó máa ń dín iye àṣẹ tí jíìnì ń kọ jáde fún un kù. GAMT tó wà nínú ẹ̀dọ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ara ń dì mú, kì í ṣe ìparí rẹ̀, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀: tí ó bá jẹ́ ìparí ló dí, àbọ̀-iṣẹ́ á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé kì í ṣe ohun tí a fẹ́ kó jọ. Tí ẹ bá dáwọ́ ìyẹ̀fun dúró, AGAT á padà sẹ́nu iṣẹ́, kiriatíìnì inú iṣan á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó ń wá iṣẹ́, wọ́n ní kó ṣe àyẹ̀wò ara. Kiriatinínì rẹ̀ jẹ́ 1.6 mg/dL. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ sunkún. Mo bi í ohun tó ń jẹ, ó ní ìyẹ̀fun gíráàmù 20 lójúmọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Igi pọ̀ nínú ààrò, eérú gbọ́dọ̀ pọ̀. Dókítà rẹ̀ ní ká wọn sisitatíìnì C, púrótéènì mìíràn tí kíndìnrín náà máa ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì bá kiriatíìnì tan rárá. Ó wà ní ibi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn bí oṣù kan tó ti dáwọ́ dúró, kiriatinínì rẹ̀ ti padà di 1.1. Ẹ sọ fún wọn ní lábù tí ẹ bá ń mu ún, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹran tí ẹ bá jẹ púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú náà lè gbé e sókè díẹ̀.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan nínú ẹ́ńsáìmù méjèèjì bá bàjẹ́?

Títí di ọdún 1994, kò sí ẹni tó tíì ṣàpèjúwe rẹ̀ lára ènìyàn. Lọ́dún yẹn, àwọn dókítà ní Jẹ́mánì kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kékeré kan. Fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń dàgbà bí ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó dúró sójú kan: ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀wù tó rẹ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì fúnra wọn.

Ohun kan hàn lórí èsì àyẹ̀wò rẹ̀, tí ẹni tó ń kánjú lè fò kọjá. Kiriatinínì rẹ̀ *kéré*. Nígbà tí kiriatinínì bá ga, gbogbo ènìyàn máa ń sáré. Nígbà tó bá kéré, a máa ń sọ pé "ó dára" a ó sì yí bébà. Àwọn wọ̀nyẹn kò yí i. Wọ́n bi ara wọn pé, eérú kò sí, ṣé igi wà nínú ààrò? Wọ́n gbé ọmọ náà sínú ẹ̀rọ tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì láti wo èròjà inú ọpọlọ. Níbi tó yẹ kí òkè tí kiriatíìnì máa ń yọ wà lórí àwòrán náà, kò sí nǹkan. Àbọ̀-iṣẹ́ ló yọjú síbòmíràn.

Apá tó wù mí jù ni ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ájíníìnì. Ẹ rò ó: tí ó bá jẹ́ pé AGAT rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ohun èlò ló kéré, ájíníìnì á mú kí kiriatíìnì pọ̀. Kiriatíìnì inú ọpọlọ kò gbéra. Àbọ̀-iṣẹ́ ló tún pọ̀ sí i. Télọ̀ ń ránṣọ lójú méjèèjì, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọrùn ni kò sí níbi iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kejì ló dí nìyẹn. Wọ́n wá fún un ní kiriatíìnì gan-an láti ẹnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kiriatíìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ọpọlọ rẹ̀, àbọ̀-iṣẹ́ lọ sílẹ̀, kiriatinínì inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ padà sípò, ara ọmọ náà sì ń yá sí i. Lọ́dún 1996 ni wọ́n fi hàn pé GAMT ni kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Kiriatíìnì nìkan kì í tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àbọ̀-iṣẹ́ tó bá pọ̀ jù máa ń da ọpọlọ láàmú, ó sì lè fa gìrì. Nítorí náà àwọn dókítà tún máa ń dín ájíníìnì inú oúnjẹ kù, wọ́n sì máa ń fi ọnítíìnì kún un, kí AGAT má baà rí ohun tó fi ṣe àbọ̀-iṣẹ́ púpọ̀.

Tí ó bá jẹ́ AGAT ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Kiriatíìnì kò sí, ṣùgbọ́n àbọ̀-iṣẹ́ náà kò sí, nítorí náà májèlé kankan kò kó jọ. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àwọn ọmọbìnrin méjì ní Ítálì, ọmọ ìyá kan náà, tí kiriatíìnì kò sí nínú ọpọlọ wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé AGAT ni. Ọmọ tí wọ́n bá tètè fún ní kiriatíìnì lè dàgbà bí ọmọ yòókù.

Àìsàn kẹta wà níbi tí ara ti ń ṣe é dáadáa, àmọ́ tí ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọlé sí ọpọlọ ti pa. Ìyẹn le jù láti wò, torí ohun tí a bá fún ọmọ náà, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ṣé a lè mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn?

Ti GAMT ṣeé mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, tí wọ́n kán sórí bébà, ni wọ́n fi ń wọn àbọ̀-iṣẹ́ àti kiriatíìnì. Àbọ̀-iṣẹ́ á ga, kiriatíìnì á kéré. Ìpínlẹ̀ Yútà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò fún un lọ́dún 2015, lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ wọn fi í kún àwọn àìsàn tí wọ́n dámọ̀ràn pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa yẹ̀ wò. Ti AGAT ṣòro láti fi ọ̀nà yìí mú, torí ohun tó kéré ni a ń wá, ọmọ tuntun púpọ̀ ló sì máa ń ní àbọ̀-iṣẹ́ kékeré láìsí àìsàn kankan.

Ọmọ tí kò rìn, tí kò sọ̀rọ̀ lásìkò, tí gìrì sì ń gbé, tí kiriatinínì rẹ̀ sì kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè wọn GAA nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Kiriatinínì wọn ga. Ṣé kiriatíìnì wọn náà pọ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ méjì ni kíndìnrín wọn ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, méjèèjì ló sì ti dẹwọ́. Kò kó eérú dànù mọ́, nítorí náà kiriatinínì ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò tún bẹ̀rẹ̀ kiriatíìnì bó ṣe yẹ, torí inú rẹ̀ ni AGAT wà, ni àbọ̀-iṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa ń kéré. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà sì máa ń fọ kiriatíìnì dànù mọ́ ìdọ̀tí. Ẹ má lọ fún wọn ní ìyẹ̀fun lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí o, dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín wọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ìyá mi, kì í ṣe kíndìnrín. Kiriatinínì wọn dára, kí ló dé tí dókítà fi ń ṣiyèméjì?

Ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ̀dọ̀ tó ti le kì í parí kiriatíìnì dáadáa. Ìyá tó ti ṣàìsàn pẹ́, iṣan wọn ti jò, kò sì sí ibi ìpamọ́ púpọ̀. Igi kò pọ̀, eérú kò lè pọ̀, bí kíndìnrín tilẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Kiriatinínì 0.8 lára irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè bo àárẹ̀ kíndìnrín mọ́lẹ̀.

Lábù náà lè dá kún un. Ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò láti wọn kiriatinínì ni èyí tí onímọ̀ kẹ́mísírì kan tó ń jẹ́ Jaffe ṣàwárí lọ́dún 1886. Omi píkíréètì tó pọ́n bí òjé ìyeyè ni a máa ń dà mọ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí áńkálì bá wà níbẹ̀, tí kiriatinínì bá wà, á máa pọ́n sí i títí á fi dà bí ọsàn. Ẹ̀rọ á ka bó ṣe ń pọ́n. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sábà máa ń ní bilirubíìnì púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ ojú di pípọ́n bí àtàlẹ̀, bilirubíìnì yìí sì máa ń fa èsì wálẹ̀ nínú ọ̀nà Jaffe. Mo ti di ike ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú sókè sí iná rí, omi orí rẹ̀ dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, nọ́ńbà tó sì jáde lórí ẹ̀rọ rẹwà ju ti èmi gan-an lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe dókítà, mo ní kó jẹ́ ká fi ọ̀nà tó ń lo ẹ́ńsáìmù tún un wọ̀n, ká sì fi sisitatíìnì C tì í. Èyí tí a tún wọ̀n ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Sisitatíìnì C ló ga gan-an.